Bí a Ṣe Ń Dìbò Nínú Gúrúùpù Wásáàpù Láti Mú Ọjọ́ Ìpàdé Tàbí Láti Ṣe Ìpinnu: Àpẹẹrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú ní Ayépé Ìjẹ̀bú

Ìlú Ayépé wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odògbolú, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìjẹ̀bú, kì í ṣe gbogbo ọmọ ìlú ni ó ń gbé ilé. Àwọn kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, àwọn mìíràn wà ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn mìíràn sì ti rékọjá òkun. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ètò wọn nínú gúrúùpù lórí Wásáàpù.

Ibi tí ìṣòro ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí akọ̀wé bá béèrè pé, “Ọjọ́ wo ni kí a fi ìpàdé sí?” Ẹnì kan á ní Sátidé ni ó dára. Ẹlòmíràn á ní Sátidé wo? Ẹnì kan á fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́, àwọn mẹ́wàá á ṣe àmín, ẹnì kan á sì fi àwòrán ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, èsì tí akọ̀wé ń wá ti sọnù sáàárín ọ̀rọ̀ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ tí ó bá sì mú ni àwọn kan á sọ pé òun nìkan ni ó mú un.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Wásáàpù ti fi ètò ìdìbò sínú gúrúùpù, tí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù ń jẹ́ Poll. Ìbéèrè kan ni ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ á kọ, á to àwọn ohun tí a lè yàn sí abẹ́ rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì fọwọ́ kan èyí tí ó wù ú. Fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò ka iye. Kò ní kí ènìyàn san owó kankan yàtọ̀ sí dátà tí a ń lò tẹ́lẹ̀, kò sì ní kí a gba ohun èlò mìíràn sórí fóònù. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó fún ohun méjì tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn: mímú ọjọ́, àti dídìbò lórí ọ̀ràn. Ọ̀nà tí a fi ń ṣe ọ̀kan kò dára fún èkejì.

Bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀

Ẹ ṣí gúrúùpù náà bí ẹni tí ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Lórí fóònù Áńdíróìdì, ẹ fọwọ́ kan àmì tí ó dà bí ìkọ́ ìwé, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀. Lórí fóònù Áípóònù, àmì àròpọ̀ (+) ni ẹ ó fọwọ́ kàn ní apá òsì. Nínú àwọn nǹkan tí yóò jáde, irú bí àwòrán, ìwé àti ibi tí a wà, ẹ ó rí Poll. Bí ẹ kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kí Wásáàpù inú fóònù yín ti pẹ́, kí ó sì nílò pé kí ẹ sọ ọ́ di tuntun ní ibi tí ẹ ti gbà á.

Nígbà tí ẹ bá ti wọ ibẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè yín sí ibi tí ó wà lókè, kí ẹ sì kọ àwọn ohun tí a lè yàn sí ìlà ìsàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ti ń kọ ọ̀kan ni àyè mìíràn yóò máa yọ. Méjìlá ni ó gbà mọ. Ní tòótọ́, bí ó bá ti lé ní márùn-ún, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ kò ní kà á dé ìsàlẹ̀, èyí tí ó wà lókè ni wọn yóò sì mú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ ó rí bọ́tìnnì kan tí a kọ Allow multiple answers sí. Bọ́tìnnì kékeré yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò náà. Bí ó bá wà ní títàn, ẹnì kan lè yan ohun méjì, mẹ́ta tàbí gbogbo wọn. Bí a bá pa á, ohun kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè yàn. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, títàn ni ó máa ń wà fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá wo ìsàlẹ̀ kò sì ní mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan àmì ìfiránṣẹ́.

Ìbò tí a ti fi ránṣẹ́ kò ṣeé tún kọ bí a ti máa ń tún ọ̀rọ̀ lásán kọ. Èyí dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí ó bá ṣeé tún kọ, ẹnì kan lè sọ “Sátidé” di “Sọ́ńdè” lẹ́yìn tí ogún ènìyàn ti dìbò. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ ìbò náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ yan ìparẹ́, kí ẹ sì mú Delete for everyone, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé òmíràn kalẹ̀. Kí ẹ tètè ṣe é, kí ìbò méjì má baà wà nínú gúrúùpù kan náà, tí àwọn kan á dìbò sí ti àkọ́kọ́, tí àwọn mìíràn á dìbò sí ìkejì.

Ohun kan tún kù kí ọ̀rọ̀ míì tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ ìbò náà mọ́lẹ̀, kí ẹ yan Pin, kí ẹ sì mú ọjọ́ méje nínú àkókò mẹ́ta tí yóò jáde. Yóò dúró sí òkè gúrúùpù, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé yóò sì rí i.

Mímú ọjọ́ ìpàdé

Ẹ jẹ́ kí a gba àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tí ilé rẹ̀ wà ní Ayépé. Àpẹẹrẹ tí a dá sílẹ̀ fún àlàyé ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ kan pàtó. Ènìyàn 46 ni ó wà nínú gúrúùpù wọn. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé ní oṣù kẹwàá ọdún 2026, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ó wà nílé yóò jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi yóò sì darapọ̀ lórí fóònù.

Kí akọ̀wé tó kọ ohunkóhun, òun àti alága ti kọ́kọ́ fọwọ́ pa àwọn ọjọ́ tí kò ṣeé ṣe rẹ́. Ọjọ́ tí gbọ̀ngàn kò ṣófo kò gbọdọ̀ sí nínú ohun tí a ń dìbò lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí alága tàbí akápò kò ní sí nílé. Ó bani nínú jẹ́ kí ẹgbẹ́ dìbò yan ọjọ́ kan, kí olùtọ́jú gbọ̀ngàn sì sọ lọ́jọ́ kejì pé ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Wọ́n wo ọjọ́ ọjà pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣì ń ná ní ọrún-ọrún, kì í tẹ̀lé ọjọ́ méje kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí ọjà bá bọ́ sí Sátidé, àwọn ìyá ọlọ́jà kì í tètè darí sílé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ó ṣẹ́ kù. Akọ̀wé kọ ìbéèrè rẹ̀ báyìí: “Àwọn ọjọ́ wo ni ẹ lè wá sí ìpàdé, agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ti Nàìjíríà? Ẹ yan GBOGBO ọjọ́ tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ìbò parí ní Ọjọ́rú, agogo 9 alẹ́.” Ó sì to ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀: Sátidé 17, Sọ́ńdè 18, Sátidé 24 àti Sátidé 31. Ó fi ìlà karùn-ún kún un: “Kò sí èyí tí mo lè wá nínú wọn.” Ìlà karùn-ún yìí wúlò púpọ̀. Láìsí i, a kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò tíì rí ìbò náà àti ẹni tí ó rí i tí kò sì ní ọjọ́ kankan tí ó bá a mu.

Ẹ kíyèsí i pé akọ̀wé kò béèrè pé “Ọjọ́ wo ni ẹ fẹ́?” Ohun tí ó béèrè ni àwọn ọjọ́ tí wọ́n lè wá, ó sì fi bọ́tìnnì Allow multiple answers sílẹ̀ ní títàn. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ènìyàn 34 ni ó dìbò. Ká ní ohun kan ṣoṣo ni a gbà kí wọ́n yàn, èyí tí ó wu ẹnì kọ̀ọ̀kan jù ni yóò mú: Sátidé 17 ì bá ní ìbò 12, Sátidé 31 ì bá ní 10, Sátidé 24 ì bá ní 8, Sọ́ńdè 18 ì bá sì ní 4. Akọ̀wé ì bá kéde Sátidé 17. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbà kí wọ́n yan gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lè wá, ohun tí ó jáde ni pé ènìyàn 19 ni ó lè wá ní ọjọ́ 17, ènìyàn 11 ní ọjọ́ 18, ènìyàn 26 ní ọjọ́ 24, ènìyàn 22 ní ọjọ́ 31. Sátidé 24 kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ lè wá. Bí wọ́n bá mú ọjọ́ 17, ènìyàn 15 nínú àwọn tí ó dìbò ni àyè kò ní gbà. Bí wọ́n bá mú ọjọ́ 24, mẹ́jọ péré ni. Ẹni tí ó ń wá ọjọ́ ìpàdé, iye ìjókòó tí yóò kún ni ó ń wá.

Níbi kíka ìbò yìí ni àwọn akọ̀wé ti máa ń ṣì í. Ẹni tí ó bá ro iye tí ó wà níwájú ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ yóò rí 78, nígbà tí ènìyàn inú gúrúùpù kò ju 46 lọ. Kì í ṣe pé fóònù ṣàṣìṣe, kì í sì í ṣe pé àwọn àlejò wọlé wá dìbò. Ẹnì kan tí ó yan ọjọ́ mẹ́ta ti fi ìbò mẹ́ta kún un. Láti mọ iye ènìyàn gan-an, ẹ fọwọ́ kan View votes ní ìsàlẹ̀ ìbò náà, ẹ ó sì rí orúkọ àwọn tí ó yan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka orúkọ, ẹ má ka ìbò.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi. Nàìjíríà kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà máa ń yí i. Títí di òru ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2026, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Ayépé yóò jọ rìn pọ̀: agogo mẹ́rin níbí ni agogo mẹ́rin lọ́hùn-ún. Ní Sọ́ńdè 25 ni wọn yóò dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ pé Sátidé 31 ni ẹgbẹ́ yìí mú, agogo mẹ́rin Ayépé yóò jẹ́ agogo mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó bá fi ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ṣe ìwọ̀n yóò sì dé nígbà tí ìpàdé ti lọ ní wákàtí kan. Ní Niu Yọ́ọ̀kì, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ọjọ́ méjèèjì, nítorí pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ni tiwọn yóò tó yí. Ìdí nìyí tí akọ̀wé fi kọ “ti Nàìjíríà” sínú ìbéèrè náà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ṣùgbọ́n ó gba ènìyàn lọ́wọ́ ìpè tẹlifóònù púpọ̀.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti dìbò lé lórí. Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, oṣù tí a bá rí ní ojú ọ̀run ni ó sì ń sọ ọjọ́ Iléyá. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí ó fẹ́ yan ọjọ́ tí wọn yóò pàdé láti sọ̀rọ̀ lórí aṣọ lè dìbò lórí ọjọ́ ìpàdé náà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí wọ́n tò kalẹ̀ bá sún mọ́ Iléyá, kí wọ́n fi àyè ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Pípa ìbò dé

Ìbò orí Wásáàpù kì í pa ara rẹ̀ dé bí ẹ kò bá fi àkókò ìparí sí i, kì í sì í ṣe gbogbo fóònù ni ó ní àyè tí a ti ń fi í sí i. Ìbò tí a gbé kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá lè ṣí sílẹ̀ títí di ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ti dìbò náà lè yí i padà nígbàkigbà. Bí ó bá tún fọwọ́ kan ohun tí ó yàn, ó ti yọ ọ́ kúrò nìyẹn. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí ìbò ni ohun tí ó wà níbẹ̀ ní wákàtí tí a dá, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan bá rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, nígbà tí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ lù ní Ọjọ́rú, akọ̀wé ṣí View votes, ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sínú gúrúùpù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: “Ìbò ti parí. Ènìyàn 34 ni ó dìbò. Sátidé 24 oṣù kẹwàá, agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ti Nàìjíríà, ni ìpàdé wa. Ìbò tí ó bá wọlé lẹ́yìn ìkéde yìí kò ní yí ọjọ́ padà.” Ó yọ ìbò náà kúrò lókè gúrúùpù, ó sì fi ìkéde rọ́pò rẹ̀. Kí a má pa ìbò náà rẹ́, nítorí ẹni tí ó bá ní iyèméjì lè fẹ́ wò ó.

Bí ọjọ́ méjì bá ní iye kan náà ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ ṣáájú ìbò. Ohun tí a gbà níyànjú ni kí alága yan èyí tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ wọn pọ̀ jù lè wá. Ìbò tuntun láàárín ọjọ́ méjì máa ń jẹ ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, ìdajì àwọn tí ó dìbò lákọ̀ọ́kọ́ kì í sì í padà wá.

Nígbà tí ó bá jẹ́ ìpinnu

Ẹgbẹ́ kan náà ní owó díẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, àwọn kan fẹ́ kí a pààrọ̀ òrùlé gbọ̀ngàn. Owó kò tó méjèèjì. Níbí, ohun kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yàn, nítorí náà akọ̀wé pa bọ́tìnnì Allow multiple answers. Ó kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: kànga ẹ̀rọ lẹ́bàá ọjà, kànga ẹ̀rọ lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́, òrùlé gbọ̀ngàn. Ènìyàn 30 dìbò. Òrùlé ní 13, kànga ẹ̀bá ọjà ní 9, kànga ẹ̀bá ilé-ẹ̀kọ́ ní 8.

Bí a bá wò ó lójú lásán, òrùlé ni ó wọlé. Ṣùgbọ́n ènìyàn 17 nínú 30 ni ó fẹ́ kànga. Wọ́n pọ̀ ju ìdajì lọ, ohun tí wọ́n fẹ́ sì fìdí rẹmi nítorí pé a pín ìbò wọn sí ọ̀nà méjì. Kò sí ẹni tí ó ṣe màgòmágó, bí a ṣe béèrè ìbéèrè náà ni ó fa á. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe màgòmágó lè gba ibí yìí wọlé: ó kàn ní láti pín ohun tí kò fẹ́ sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì fi èyí tí ó fẹ́ sílẹ̀ ní odindi. Bí ẹ bá rí ìbò tí ohun méjì nínú rẹ̀ jọ ara wọn, tí ẹ̀kẹta sì dá yàtọ̀, ẹ ké gbàjarè kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ béèrè ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbò àkọ́kọ́: kànga ni tàbí òrùlé? Bí kànga bá wọlé, ìbò kejì: ẹ̀bá ọjà ni tàbí ẹ̀bá ilé-ẹ̀kọ́? Bí ohun mẹ́ta bá sì wà tí wọ́n yàtọ̀ síra pátápátá, bí kànga, òrùlé àti iná ojú títì, ẹ lè sọ ṣáájú pé bí kò bá sí èyí tí ó ní ju ìdajì lọ, méjì tí ó ga jù yóò tún padà sí ìbò. Lórí ọ̀ràn owó tí kò bá kánjú, ìbò méjì kò pọ̀ jù.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí alága ka ìwé òfin ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ní iye ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ pé kí ìpinnu owó tó lè múlẹ̀, àwọn kan sì sọ pé nínú ìpàdé nìkan ni a ti lè fọwọ́ sí ìnáwó. Bí òfin bá sọ bẹ́ẹ̀, ìbò orí fóònù kì í ṣe ìpinnu, ìwádìí ọkàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni, ìpàdé ni yóò sì fọwọ́ sí i. Kí ẹ kọ èyí sínú ìbéèrè náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé owó jáde ní báǹkì lórí àwòrán ojú fóònù.

Ìbò tí gbogbo ojú rí

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń gbé ìbò kalẹ̀ lórí Wásáàpù mọ̀ ni pé kì í ṣe ìbò ìkọ̀kọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú gúrúùpù lè ṣí View votes, kí ó sì rí ẹni tí ó yan kànga àti ẹni tí ó yan òrùlé. Àwọn àgbà tí ó dìbò ní Nàìjíríà ní ọdún 1991 yóò rántí bí a ṣe ń tò sí ẹ̀yìn àwòrán ẹni tí a fẹ́ ní gbangba, tí a sì ń ka orí. Bí ìbò Wásáàpù ti rí gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá tò sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn, ojú àna rẹ̀, ojú ọ̀gá rẹ̀ àti ojú ẹni tí ó jẹ lówó ni ó ṣe é.

Fún ọjọ́ ìpàdé, gbangba dára. Kò sí ìtìjú nínú pé mi ò lè wá ní Sátidé, akọ̀wé sì ní láti mọ ẹni tí ó ń bọ̀. Fún kànga àti òrùlé, ó ṣì lè gbà, ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí àwọn tí ó kọ́kọ́ dìbò. Bí alága àti Olóyè mẹ́ta bá yan òrùlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ kì í fẹ́ yan ohun tí ó lòdì sí tiwọn. Nínú ìpàdé, àgbà a máa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, bí ó sì ti yẹ kí ó rí nínú gúrúùpù nìyẹn: kí àwọn olórí dúró di ọjọ́ tí ìbò yóò parí kí wọ́n tó fọwọ́ kan tiwọn.

Fún yíyan olóyè ẹgbẹ́, tàbí ọ̀ràn tí ó kan orúkọ ènìyàn, a kò gba ìbò Wásáàpù yín níyànjú rárá. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní Tẹ́lígíráàmù lè lo Poll tirẹ̀. Bọ́tìnnì Anonymous Voting wà níbẹ̀. Bí ó bá wà ní títàn, iye ni gbogbo ènìyàn yóò rí, wọn kò ní rí orúkọ. Ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ sì lè fi Stop Poll pa á dé, kò sì ní ṣeé yí padà mọ́. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fi ìbò náà ránṣẹ́ sí ibòmíràn, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lè dìbò nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kò sì hàn, a kò lè yọ wọ́n. Bí iye ìbò bá ju iye ọmọ ẹgbẹ́ lọ, ẹ mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá jù ú lọ, kò túmọ̀ sí pé kò ṣẹlẹ̀. Fún ìdìbò alága, bébà tí a ká sínú àpótí ní ọjọ́ ìpàdé ṣì ni a fọkàn tán jù, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi sì yan ẹni tí yóò dìbò fún wọn bí ìwé òfin ẹgbẹ́ bá gbà á.

Àwọn tí kò sí nínú gúrúùpù

Nọ́ńbà fóònù ni Wásáàpù ń kà, kì í ka ènìyàn. Ẹni tí ó ní láìnì méjì tí méjèèjì sì wà nínú gúrúùpù lè dìbò lẹ́ẹ̀mejì. Tọkọtaya tí ó ń lo fóònù kan ní ìbò kan láàárín ara wọn. Ẹni tí a fi kún gúrúùpù lẹ́yìn tí a ti gbé ìbò kalẹ̀ kì í sábà rí i rárá. Kí akọ̀wé bá orúkọ tí ó wà nínú gúrúùpù wé ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó yọ láìnì kejì, kí ó sì fi àwọn tuntun kún un ní ọjọ́ náà.

Ní Ayépé bí ní ibi gbogbo, àwọn Bàbá àti Màmá kan wà tí fóònù wọn kò ju ti ìpè lọ. Kí a má jẹ́ kí ọmọ wọn fi fóònù tirẹ̀ dìbò fún wọn, nítorí ìbò tirẹ̀ ni yóò fi rọ́pò. Akọ̀wé ni kí ó pè wọ́n, kí ó ka ìbéèrè náà àti gbogbo ohun tí a lè yàn sí wọn létí ní ọ̀nà kan náà tí ó fi wà lójú fóònù, kí ó sì kọ èsì sílẹ̀. Ó sàn kí ẹni kejì, bóyá akápò, wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ìbò bá parí, a ó kọ iye orí fóònù àti iye ìpè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìkéde kan náà. Bí àpẹẹrẹ: “Kànga: 17 lórí Wásáàpù, 3 nípa ìpè, àpapọ̀ 20. Òrùlé: 13 lórí Wásáàpù, 2 nípa ìpè, àpapọ̀ 15. Ènìyàn 35 ni ó dìbò.” Ìkéde yìí àti àwòrán View votes ni akọ̀wé yóò lẹ̀ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ka ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.